Lẹ́tà 1962, hótẹ́ẹ̀lì 2005: ìjọba pálímẹ́ńtì àti ìjọba ààrẹ, èwo ni ká mú?

Nínú oṣù Kejì 2024, ọgọ́ta ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin l'Ábújá gbé àbá síta pé kí Nàìjíríà padà sí ìjọba pálímẹ́ńtì. Látìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jà ràn-ìn n'Ìbàdàn. Àwọn àgbà tó bá ayé Awólọ́wọ̀ ní ìgbà yẹn ló dáa jù, pé olórí ìjọba máa ń dìde nínú ilé dáhùn ìbéèrè. Àwọn ọ̀dọ́ ní ṣé ìjọba tí wọ́n lè fi lẹ́tà kan ṣoṣo wó lulẹ̀ náà ni ẹ ń ṣàárò?

Èmi ò mọ ìlú mìíràn ní Nàìjíríà tí ẹ̀rí rẹ̀ tó ti Ìbàdàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Níhìn-ín ni wọ́n ti yọ olórí ìjọba kan lábẹ́ ètò pálímẹ́ńtì ní 1962, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti yọ òmíràn lábẹ́ ètò ààrẹ ní 2006. Kàkà ká máa fi Lọ́ńdọ̀nù wé Wáṣíńtìnì, mo fẹ́ ká fi Ìbàdàn wé Ìbàdàn.

Ẹni tí kò bá rántí bí méjèèjì ṣe yàtọ̀, kò le. Nínú ìjọba pálímẹ́ńtì, ọmọ ilé nìkan lẹ máa ń dìbò fún. Ẹni tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé bá wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò di olórí ìjọba, yóò ṣì jẹ́ ọmọ ilé, àwọn kọmíṣánnà tàbí mínísítà rẹ̀ náà á sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nínú ìjọba ààrẹ, ẹ dìbò fún gómìnà tàbí ààrẹ fúnra rẹ̀, ẹ tún dìbò fún ilé lọ́tọ̀, oníkálukú sì ní ọdún mẹ́rin tirẹ̀ lọ́wọ́. Gbogbo ohun tó kù, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá.

Kí ni wọ́n fi ń yọ olórí?

Sámúẹ́lì Ládòkè Akíntọ́lá di Pírẹ́míà Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù Kejìlá 1959, nígbà tí Awólọ́wọ̀ fi àga náà sílẹ̀ lọ ṣe olórí alátakò ní pálímẹ́ńtì àpapọ̀ l'Ékòó. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ wọn kò fi wọ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group tí àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀, pín sí méjì, àwọn àgbà ẹgbẹ́ sì ní kí Akíntọ́lá fipò sílẹ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kí Gómìnà tú ilé ká, kí ará ìlú wá dìbò tuntun. Gómìnà ìgbà náà, tí kì í ṣe olórí ìjọba bíi ti òde òní, ni Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni Ifẹ̀, Kábíyèsí ò sì gbà. Lẹ́tà kan ti wà níwájú wọn tí ọmọ ilé mẹ́rìndínláàádọ́rin (66) fọwọ́ sí, tó ju ìdajì ilé lọ, pé àwọn ò sí lẹ́yìn Akíntọ́lá mọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún 1962, wọ́n yọ Akíntọ́lá bí ẹni yọ jìgá, wọ́n sì fi Alhaji Dáúdà Sọ̀róyè Adégbénró rọ́pò rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun tí òfin béèrè. Kò béèrè pé kí Pírẹ́míà jalè. Kò béèrè pé kó rú òfin kankan. Ohun tó sọ ni pé Gómìnà kò gbọ́dọ̀ yọ Pírẹ́míà àfi tó bá hàn sí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ ilé kò tì í lẹ́yìn mọ́. Ó parí síbẹ̀. Bí àwọn tó gbé ọ gun àga bá sọ pé ó tó, ó tó nìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ kò sí ńbẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ ibi tó ti gbọ́dọ̀ hàn sí Gómìnà. Ṣé nínú lẹ́tà ni, àbí nínú ìbò tí wọ́n dì ní gbangba nínú ilé? Nínú ihò yìí ni gbogbo pẹ́ńkẹlẹ́mẹ́ẹ̀sì náà ti jáde. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, nígbà tí ilé jókòó kí wọ́n lè dìbò pé àwọn fọwọ́ sí Adégbénró, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Akíntọ́lá fò sórí tábìlì, ó ń pariwo pé iná ń jó lórí òkè. Àga bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ ilé, ọ̀pá náà sì fọ́. Ọlọ́pàá da tajútajú sínú ilé, wọ́n lé gbogbo wọn síta. Ní ọjọ́ 29 oṣù yẹn, pálímẹ́ńtì l'Ékòó kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n sì gbé Ìwọ̀ Oòrùn lé Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí lọ́wọ́ títí ọdún náà fi parí. Pírẹ́míà méjì tó ń jìjàdù, kò sí èyí tó ṣe ìjọba nínú wọn.

Ilé ẹjọ́ ńkọ́? Nínú oṣù Keje 1962, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé lẹ́tà kò tó, àfi kí wọ́n dìbò nínú ilé. Adégbénró gbé ẹjọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, sí ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba, àwọn yẹn sì dá a láre nínú oṣù Karùn-ún 1963 pé lẹ́tà tó. Ṣùgbọ́n Akíntọ́lá ti padà sórí àga láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1963, òun àti ẹgbẹ́ NCNC ti jọ ń ṣèjọba. Wọ́n tún òfin ìpìlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn ṣe kíá, pé inú ilé ni ìbò ti gbọ́dọ̀ wáyé, wọ́n sì ní kí àtúnṣe náà padà sẹ́yìn dé oṣù Kẹwàá 1960. Adégbénró jàre ẹjọ́, kò rí àga jókòó sí.

Ó di 2005. Gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Ràṣídì Ládọjà. (Wọ́n ti di Olúbàdàn wa báyìí, kí adé pẹ́ lórí. Nínú ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kí n máa pè wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹ́ nígbà náà.) Ìjà ti wọ àárín Ládọjà àti Olóyè Làmídì Adédibú, bàbá ìsàlẹ̀ òṣèlú Ìbàdàn. Ọmọ ilé méjìlélọ́gbọ̀n (32) ló wà ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Méjìdínlógún (18) nínú wọn kóra jọ sí hótẹ́ẹ̀lì kan ní Ríìngì Róòdù ní oṣù Kejìlá, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìyọnípò. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 2006, wọ́n kéde pé àwọn ti yọ Ládọjà, igbákejì rẹ̀, Adébáyọ̀ Àlàó-Akálà, sì búra lọ́jọ́ yẹn.

Òfin ìyọnípò tó wà lábẹ́ ìjọba ààrẹ gùn ju ti 1962 lọ dáadáa. Abala 188 òfin ìpìlẹ̀ 1999 ní kí ìdá mẹ́ta ọmọ ilé fọwọ́ sí ẹ̀sùn kọ́kọ́. Kí abẹnugan fún gómìnà àti gbogbo ọmọ ilé ní ẹ̀dà rẹ̀ láàárín ọjọ́ méje. Láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá tí ẹ̀sùn dé, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé dìbò pé kí ìwádìí wáyé. Kí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ yan ènìyàn méje tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, kí wọ́n wádìí láàárín oṣù mẹ́ta. Bí àwọn méje náà bá sọ pé ẹ̀sùn kò fìdí múlẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Bó bá fìdí múlẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ tún dìbò kí gómìnà tó lọ.

Ìdá méjì nínú mẹ́ta ọmọ ilé 32 jẹ́ méjìlélógún (22). Méjìdínlógún kò dé bẹ̀. Ohun tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ rí nìyẹn ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2006, wọ́n sì tún sọ pé hótẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ilé aṣòfin. Òfin ní kí ilé ẹjọ́ má dá sí ọ̀rọ̀ ìyọnípò. Àwọn adájọ́ ní ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀lé ìlànà nìkan ni èyí máa ń ṣiṣẹ́. Ládọjà padà sí ọ́fíìsì nínú oṣù kan náà, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mọ́kànlá níta. Ó bẹ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n dá oṣù tó sọnù padà fún òun, wọ́n kọ̀. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2007 ni ọdún mẹ́rin pé, ó sì pé náà nìyẹn.

Bí mo bá kó méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, báyìí ni wọ́n rí:

| | Pálímẹ́ńtì, 1962 | Ààrẹ, 2006 |
|---|---|---|
| Ohun tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ yọ ọ́ | Ọ̀pọ̀ ilé kò fẹ́ ọ mọ́ | Ìwà àìtọ́ tó burú jáì |
| Iye tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i | Ó ju ìdajì lọ | Ìdá méjì nínú mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì |
| Àkókò | Ọjọ́ kan lè tó | Ó lè gba oṣù mélòó kan |
| Ẹni tó gba àga | Ẹni tí ilé bá fẹ́ | Igbákejì, dandan ni |
| Ará ìlú lè tètè dìbò tuntun? | Bẹ́ẹ̀ ni, bí wọ́n bá tú ilé ká | Rárá, títí ọdún mẹ́rin |

Tábìlì yìí á mú kẹ́ ẹ rò pé gómìnà ló fìdí múlẹ̀ jù. Lórí ìwé, òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo ìlà kìíní dáadáa. Kí ni òfin pè ní ìwà àìtọ́ tó burú jáì? Abala 188 kan náà dáhùn: kéèyàn rú òfin ìpìlẹ̀ lọ́nà tó wúwo, *tàbí* ìwà èyíkéyìí tí ó bá burú bẹ́ẹ̀ lójú ilé aṣòfin. Ojú ilé! Ẹ̀yìnkùlé ni "a ò fẹ́ ọ mọ́" gbà wọlé síbẹ̀, ó kàn wọ aṣọ ẹ̀sùn ni. Nítorí náà, ohun tó ń dáàbò bo gómìnà ní Nàìjíríà kì í ṣe pé ó gbọ́dọ̀ ṣẹ̀. Iye orí ni, àti ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje. Ẹni tó bá ti ní méjìlélógún lọ́wọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ àwọn méje, ó lè yọ gómìnà tí kò ṣẹ nǹkan kan. Ìjọba pálímẹ́ńtì kì í purọ́ fún wa níbi tá a dé yìí: ó sọ gbangba pé òṣèlú ni.

Ta ló ń jíhìn, ta ló sì ń jíhìn fún?

Ibi tí àwọn àgbà ti jàre nìyí, ó kéré tán ní ìdajì. Adégòkè Adélabú, ọmọ Ìbàdàn, ni olórí alátakò ní ilé Ìwọ̀ Oòrùn láti 1956 títí ó fi kú ní 1958. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dìde, kó kọjú sí Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀, kó bi í léèrè ibi tí owó lọ, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ nínú ìwé ilé. Kò sí "màá rán kọmíṣánnà mi". Gbogbo àwọn mínísítà wà níbẹ̀, torí ọmọ ilé ni wọ́n. Lónìí, gómìnà Ọ̀yọ́ ń wá sí ilé lọ́jọ́ tó bá ń gbé ìṣúná wá, kọmíṣánnà ń wá bí wọ́n bá pè é. Ọmọ ẹgbẹ́ alátakò tó bá fẹ́ bi gómìnà ní ìbéèrè lójúkojú, mi ò mọ ibi tó ti fẹ́ rí i.

Àmọ́ ìdajì yòókù ni kì í jẹ́ kí n gbà pátápátá. Ará ìlú kò yan Akíntọ́lá sí Pírẹ́míà ní 1959, ẹgbẹ́ ló fi í síbẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ ní kó kúrò, ẹni tí agbára ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ wà l'Ékòó, kì í ṣe ọmọ ilé Ìbàdàn mọ́. Nígbà tí Akíntọ́lá sì padà dé, ìjọba tó wà n'Ìbàdàn kì í ṣe ìjọba tí ìbò 1960 gbé jáde. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ni ìbò yẹn gbé wọlé. NCNC tó fìdí rẹmi wá di ara ìjọba, láìsí pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ka nínú ìwé ìdìbò. Inú pálímẹ́ńtì, èyí kò lòdì sí òfin rárá. Ìgbà tí ará ìlú yóò tún rí ààyè sọ̀rọ̀ di oṣù Kẹwàá 1965, màgòmágó tó wáyé nínú ìbò yẹn ló sì bí rògbòdìyàn wẹ́tìẹ̀.

Ìjọba ààrẹ ní òdìkejì ìṣòro yìí. Ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ dìbò fún, orúkọ rẹ̀ àti ti igbákejì rẹ̀ wà lórí ìwé, ẹ sì mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ó lé e. Láàárín ọjọ́ méjèèjì, ẹ̀bi lè sá mọ́ yín lọ́wọ́: gómìnà á ní ilé ni kò buwọ́ lu owó, ilé á ní gómìnà ni kò ná an. Bàbá ìsàlẹ̀ wà nínú ètò méjèèjì, ó sì wà níta ilé nínú méjèèjì. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé àyípadà ètò ìjọba á pa bàbá ìsàlẹ̀ rẹ́, ó ń ta ọjà tí kò ní níbẹ̀ ni.

Nígbà tí fàákájà bá dé

Kí ìjọba dá dúró nítorí ilé àti olórí ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ìjọba ààrẹ ni àìsàn yìí wọ́pọ̀ jù sí lára. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ìbò ọ̀tọ̀ ló gbé ilé wọlé, ọ̀tọ̀ ló gbé olórí wọlé, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ẹnì kejì kò ní àṣẹ ará ìlú.

Kàdúná ni àpẹẹrẹ tó mọ́ jù. Ní 1979, Balarabe Musa ti ẹgbẹ́ PRP di gómìnà. Ẹgbẹ́ NPN ló sì ní ọ̀pọ̀ nínú ilé. Gómìnà kọ orúkọ àwọn kọmíṣánnà ránṣẹ́, ilé dá a padà. Ó tún kọ, wọ́n tún kọ̀. Àwọn akọ̀wé àgbà iléeṣẹ́ ìjọba ló fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà fà á lọ títí di ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà 1981, nígbà tí ilé yọ ọ́, òun sì ni gómìnà àkọ́kọ́ tí ilé yọ ní Nàìjíríà. Ta ló wá gba àga? Igbákejì rẹ̀, Abba Musa Rimi, ọmọ PRP bíi tirẹ̀. NPN tó ní ilé kò lè gbé ènìyàn tirẹ̀ síbẹ̀, torí òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ pálímẹ́ńtì, ìtàn yìí ò lè bẹ̀rẹ̀ rárá: ẹgbẹ́ tí kò ní ọ̀pọ̀ nínú ilé kò lè mú Pírẹ́míà jáde láìjẹ́ pé ó bá ẹlòmíràn dòwò pọ̀.

Pálímẹ́ńtì náà ní fàákájà tirẹ̀, ibi tó ti ń mú un ló yàtọ̀. Lẹ́yìn ìdìbò ló máa ń dé, nígbà tí ẹgbẹ́ bá pọ̀ tí ẹyọ kan kò sì ní ìdajì. Orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù dìbò ní oṣù Kẹfà 2010, ọjọ́ 541 ló kọjá kí wọ́n tó rí ìjọba tuntun gbé kalẹ̀. Ìjọba àtijọ́ ń tọ́jú ilé ní gbogbo ìgbà yẹn, owó oṣù sì ń jáde. Ṣé ti Nàìjíríà á tutù bẹ́ẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn.

Ohun tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nìyí: nígbà tí fàákájà bá le níbí, ọ̀nà àbáyọ kan náà ni ètò méjèèjì máa ń bá lọ. Ní 1962, lábẹ́ pálímẹ́ńtì, ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì, ó fi alákòóso rọ́pò Pírẹ́míà. Ní oṣù Kẹta 2025, lábẹ́ ààrẹ, gómìnà Rivers àti ilé aṣòfin rẹ̀ ti bá ara wọn jà pẹ́, ilé ẹjọ́ ti dá owó ìpínlẹ̀ dúró, ìjọba àpapọ̀ sì kéde pàjáwìrì, ó dá gómìnà àti ilé dúró fún oṣù mẹ́fà, ó fi alákòóso síbẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ó mú un

Fún Ábújá, èmi ò ní mú pálímẹ́ńtì. Ìdí mi kan ṣoṣo ni ìlànà tó ní ààrẹ gbọ́dọ̀ rí ó kéré tán ìdá mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀. Ẹni tó ń wá ipò náà gbọ́dọ̀ dé Kánò, kó dé Ẹnugu, kó dé Ìbàdàn. Olórí ìjọba pálímẹ́ńtì kò nílò ju ìbò àdúgbò rẹ̀ lọ kó lè di ọmọ ilé. Èyí tó kù, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló ń bá ara wọn sọ ọ́.

Fún ìpínlẹ̀ bí Ọ̀yọ́, bí òfin ìpìlẹ̀ bá lè yọ̀ǹda, pálímẹ́ńtì ló wù mí. Ìpínlẹ̀ kéré, ọmọ ilé 32 lè mọ iṣẹ́ ara wọn, kọmíṣánnà tó gbọ́dọ̀ padà lọ bá àwọn tó dìbò fún un kò ní máa wo gómìnà nìkan lójú. Ṣùgbọ́n mi ò ní gba ti 1962 bó ṣe wà. Ti Jámánì ni màá gbà. Níbẹ̀, ilé kò lè sọ lásán pé àwọn ò fẹ́ olórí ìjọba mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, kí ìdajì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ gbogbo ọmọ ilé dìbò fún ẹni náà, ìbò kan náà ló ń yọ ti àtijọ́ tó sì ń fi tuntun síbẹ̀. Wọ́n dán an wò ní 1972, ìbò méjì ló kù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1982 ló ṣẹlẹ̀, Helmut Kohl gba ipò lọ́wọ́ Helmut Schmidt lọ́jọ́ náà. Títí di òní, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti ṣẹlẹ̀ ní ìjọba àpapọ̀ wọn.

Ẹ fi òfin yìí sí Ìbàdàn 1962. Lẹ́tà àwọn 66 ò ní wúlò. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọ inú ilé, kí wọ́n dárúkọ Adégbénró, kí wọ́n dìbò ní gbangba. Àwọn tó ń ju àga ì bá ṣì ju àga, òfin kì í di ọwọ́ ènìyàn mú. Ṣùgbọ́n Pírẹ́míà kan ṣoṣo ni ì bá wà nílẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn: títí ìbò yóò fi parí, Akíntọ́lá ni, kò sì ní sí ẹjọ́ tí wọ́n á gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Nítorí náà, bí àbá àwọn ọgọ́ta yẹn bá tún padà wá, ẹ má kọ́kọ́ wo orúkọ tí wọ́n sọ olórí ìjọba. Ẹ wá abala tó sọ ibi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ dìbò yọ ọ́, iye ọmọ ilé tó gbọ́dọ̀ wà níjokòó, ẹni tó lè pe ilé jọ bí abẹnugan bá kọ̀, àti iye ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ ní láti fi dá ẹjọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ti pọ̀ jù. Adégbénró dúró fún ọdún kan, Ládọjà fún oṣù mọ́kànlá, aago ìjọba sì ń lọ ní gbogbo ìgbà yẹn.